Ta Ló Ni Ìbéèrè Ìdánwò?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin bá ń múra ìdánwò lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ mú dání kì í ṣe ìwé òfin fúnra rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n to ìbéèrè ọbújẹ́tìfù jọ sínú rẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tó tọ̀nà sì wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ àwọn ìbéèrè náà níbẹ̀. Kò sí ọdún òfin tí àwọn ìdáhùn rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn èèpo ìwé, òǹtẹ̀wé á ti kọ ọ́ gàdàgbà pé òun ni òun ni gbogbo ẹ̀tọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù díẹ̀ káàtó nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìdáhùn náà jẹ́ òfin ilẹ̀ òkèèrè, tàbí òfin tí Nàìjíríà ti pa tì. Èkejì ni pé ìwé náà gan-an lè jẹ́ ìrúfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó ní òun ń kọ́ni nípa rẹ̀, nítorí ìbéèrè ìdánwò jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ tó lólúwa. Ìwé ìròyìn yìí gbà pé gbòǹgbò kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti hù jáde: kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìbéèrè ti wá, ẹni tó kọ ọ́, àti àdéhùn tó wà láàárín ẹni náà àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó láti fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò ẹ̀tọ́ àdàkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àti iye inú rẹ̀ máa ń yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gba olùkọ́ kan síṣẹ́ olówó-oṣù. Lára iṣẹ́ rẹ̀, olùkọ́ náà kọ 60 ìbéèrè ọbújẹ́tìfù fún ìdánwò ìparí sáà. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ọwọ́ ta ni ẹ̀tọ́ náà kọ́kọ́ bọ́ sí? A, ilé-ẹ̀kọ́. B, olùkọ́. C, àwọn méjèèjì lápapọ̀. D, ìjọba.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ń ka ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì á mú A láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣe ìdánwò, ó gbà á. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 sọ pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ní Nàìjíríà, B ni ìdáhùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó-oṣù, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn gbé iṣẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan, òun ló ni ín, àyàfi bí ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Abala 28 ni ẹni tó bá fẹ́ wò ó fúnra rẹ̀ yóò ṣí.

Bí a bá bojú wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i. Láti ọdún 1912 ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, agbanisíṣẹ́ ni òfin náà sì fi ẹ̀tọ́ fún. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin tiwa ní 1970, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí i: kì í ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan, iṣẹ́ tí ènìyàn bá sanwó fún ẹlòmíràn láti bá a ṣe náà a máa kọjá sọ́wọ́ ẹni tó sanwó, bí wọn kò bá ti fi àdéhùn dènà rẹ̀. Òfin 1988 ló yí ìyẹn padà pátápátá, tó dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, òfin tuntun náà sì dúró síbẹ̀. Ọdún kan náà, 1988, ni Lọ́ńdọ̀nù àti Nàìjíríà ṣe òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ìdáhùn wọn sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Nítorí náà, ìbéèrè tí kò bá sọ ìlú, tí kò sì sọ ọdún, kò ní ìdáhùn kan tó tọ̀nà. Ìdáhùn méjì ló ní, ẹni tó sì ń máàkì á yan èyí tó bá mọ̀.

Kódà D kì í ṣe ìdáhùn òmùgọ̀. Bí a bá yọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kúrò, tí a fi àjọ ìjọba sí i, nǹkan yí padà nìyẹn. Òfin wa ya iṣẹ́ tí ìjọba ṣe, tàbí tí wọ́n ṣe lábẹ́ ìdarí àti àkóso ìjọba, sọ́tọ̀. Ìjọba ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí kan ọ̀rọ̀ ìdánwò gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àjọ bíi JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, tí ó sì ń fi ìbéèrè ọbújẹ́tìfù yan àwọn tí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó kọ ìbéèrè fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó kọ ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí ní ipò kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà lórí ìbéèrè lásán. Ṣé ìbéèrè ìdánwò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kí òfin dáàbò bò? Ẹjọ́ kan wà tó dáhùn ìyẹn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, abẹ́ òfin 1911 kan náà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà ni wọ́n sì ti dá a. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa tí kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó máa ń jáde nínú ìbéèrè ọbújẹ́tìfù. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹjọ́ náà àti gbólóhùn kan péré ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ní 1915, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé ẹnikẹ́ni tí òun bá yàn láti kọ ìbéèrè ìdánwò àṣewọlé gbọ́dọ̀ gbà pé ti yunifásítì ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ yóò jẹ́. Lára àwọn tí wọ́n yàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lodge àti Ọ̀gbẹ́ni Jackson, tí wọ́n kọ ìbéèrè ìṣirò. Owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n san fún wọn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ yunifásítì náà. Ilé ni wọ́n ti kọ ìbéèrè wọn, ní àkókò tó bá wù wọ́n, bí wọ́n bá ti lè kó o dé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Yunifásítì náà wá bá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ University of London Press ṣe àdéhùn pé kí ó máa tẹ àwọn ìbéèrè náà tà. Lẹ́yìn ìdánwò oṣù kìíní ọdún 1916, ilé-iṣẹ́ mìíràn, University Tutorial Press, gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Nínú ìwé ìbéèrè 42 tí wọ́n lò fún ìdánwò náà, 16 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn 16 yìí sì jẹ́ ti Lodge àti Jackson. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ìdáhùn tirẹ̀ sí i, ó sì sọ èrò rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe kọ àwọn ìbéèrè náà. Ni wọ́n bá di ilé-ẹjọ́.

Àwọn olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, pé ohun tí gbogbo onímọ̀ ìṣirò mọ̀ ni. Adájọ́ Peterson kò gbà. Ó ní òfin kò béèrè pé kí èrò inú iṣẹ́ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò rò rí. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ ẹni tó ṣe é jáde, kí ó má ṣe jẹ́ pé ó dà á kọ láti ara iṣẹ́ ẹlòmíràn. Lodge àti Jackson lo ìmọ̀, wọ́n lo ọgbọ́n láti yan èyí tó le àti èyí tó rọrùn, wọ́n sì tò ó bó ṣe yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá a pàdé. Ìyẹn tó. Òfin Nàìjíríà ti òde òní náà kò jìnnà sí i: ó ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ti sapá débi tí iṣẹ́ náà fi ní àbùdá tirẹ̀, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀. Ìlànà òfin, èrò, àti òkodoro ọ̀rọ̀ kò ní olúwa. Bí a ṣe gbé wọn kalẹ̀ ló ní.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ olóhun wá dé, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ náà ti wúlò jù fún wa. Adájọ́ ní àwọn olùkọ̀bèèrè wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà ọwọ́ tiwọn ni ẹ̀tọ́ náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Ìpinnu tí yunifásítì ṣe àti bí wọ́n ṣe gbà láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ fún yunifásítì lágbára láti béèrè pé kí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ náà fún òun. Ṣùgbọ́n Lodge àti Jackson kò tíì buwọ́ lu ìwé kankan tó gbé e fún un. Ẹ̀tọ́ náà lójú òfin ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó gba ẹjọ́ náà là ni pé àwọn méjèèjì dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà gẹ́gẹ́ bí olùpẹ̀jọ́. Lórí ìbéèrè tiwọn, wọ́n jàre. Lórí àwọn ìbéèrè tí àwọn olùkọ̀bèèrè yòókù kọ, tí wọn kò sí ní ilé-ẹjọ́, ẹjọ́ já sí òfo. Yunifásítì ńlá, agbẹjọ́rò ńlá, ìpinnu tó hàn kedere lórí ìwé, síbẹ̀ ìbuwọ́lù tí kò sí ló dá nǹkan rú.

Irú àìbìkítà yẹn kò tíì tán ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ ilé-ìwé á kó olùkọ́ jọ láti kọ ìbéèrè àṣepapọ̀, wọ́n á san owó díẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì rò pé owó tí àwọn san ti ra gbogbo rẹ̀. Kò rà á. Òfin wa ní gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ohun tí owó náà rà, bí kò bá sí ìwé, ni àṣẹ láti lo àwọn ìbéèrè náà fún ìdánwò tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ náà bá wá kó ìbéèrè ọdún márùn-ún jọ, tí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, tí ó ń tà á fún àwọn òbí, ó ti kọjá ohun tí wọ́n gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ ìlò tó bá ẹ̀tọ́ mu ni àwọn òǹtẹ̀wé máa ń sá sí nígbà tí wọ́n bá bá wọn wí. Wọ́n á ní fún ẹ̀kọ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ń ràn lọ́wọ́. University Tutorial Press sọ ohun kan náà ní 1916, adájọ́ sì dá a lóhùn pé ẹni tó ń kàwé fúnra rẹ̀ ni òfin ń dáàbò bò. Títẹ ìwé tà fún ẹni tó fẹ́ kàwé kì í ṣe ìkàwé. Ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè ọbújẹ́tìfù sábà máa ń yọ sílẹ̀ nígbà tó bá kọ “fún ìwádìí àti ìkẹ́kọ̀ọ́” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tó tọ̀nà, láìsọ ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́.

Abala 20 òfin tuntun náà ti mú ibí yìí gbòòrò sí i ju ti àtijọ́ lọ. Ó dárúkọ ìlò ara ẹni, ó dárúkọ ìwádìí tí kì í ṣe fún èrè àti ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni, ó dárúkọ àríwísí, àyẹ̀wò iṣẹ́ àti ìròyìn ohun tó ń lọ. Ó tún dárúkọ àwàdà àti ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń sín iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó fi ọ̀rọ̀ “irú bíi” síwájú àwọn tó kà sílẹ̀, èyí sì fi hàn pé àpẹẹrẹ ni wọ́n, pé ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ìlò mìíràn. Ìbéèrè tó bá ṣì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú “èwo ni kò sí nínú àwọn ìlò tí òfin gbà” bí ẹni pé ìlò tí ìwé àtijọ́ tò nìkan ló wà, ó ń fìyà jẹ ọmọ tó ka òfin tó wà lóde.

Òfin náà wá sọ ohun mẹ́rin tí adájọ́ yóò gbé yẹ̀ wò: ìdí tí wọ́n fi lo iṣẹ́ náà àti irú ìlò tó jẹ́, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí wọ́n mú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tó sì ṣe kókó tó, àti ìpalára tó lè ṣe fún ọjà tàbí iye iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká gbé ènìyàn mẹ́ta sórí ìwọ̀n yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dà ìbéèrè ọdún tó kọjá kọ sínú ìwé rẹ̀, tàbí tó ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ láti fi kàwé lálẹ́, kò sí òfin tí yóò dá a lẹ́bi. Olùkọ́ tó mú ìbéèrè mẹ́wàá nínú rẹ̀ láti fi ṣàlàyé fún kíláàsì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ náà dúró lórí ilẹ̀ tó le, bó bá dárúkọ ibi tó ti mú un. Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ àfikún, tó tẹ gbogbo ìbéèrè 60 náà ní igba ẹ̀dà, tó sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti kùnà lórí mẹ́ta nínú mẹ́rin: èrè ló ń wá, gbogbo iṣẹ́ náà ló mú, ó sì gba ọjà mọ́ olóhun lọ́wọ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé wọ́n da ìbéèrè kọ, nígbà tó jẹ́ pé òfin kan náà ni gbogbo ènìyàn ń béèrè nípa rẹ̀? Ẹni tó bá ti kọ ìbéèrè ọbújẹ́tìfù rí mọ̀ pé ìdáhùn tó tọ̀nà kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà ló ń gba àkókò. Olùkọ̀bèèrè ní láti mọ àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ tó kàwé díẹ̀ máa ń ṣe, kí ó sì fi àṣìṣe náà ṣe ìdẹkùn. Nítorí náà, bí ìwé méjì bá béèrè ẹni tó ni ẹ̀tọ́, tí B sì jẹ́ ìdáhùn nínú méjèèjì, ìyẹn kò fi ohunkóhun hàn. Ṣùgbọ́n bí ìdẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n wà létòlétò kan náà, tí olùkọ́ inú ìtàn náà kọ 60 ìbéèrè nínú méjèèjì, tí àṣìṣe ìtẹ̀wé tó wà nínú èyí àkọ́kọ́ sì tún wà nínú èkejì, kò sí àwíjàre tó lè gbà á sílẹ̀.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 2006. Ìdánwò tí àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ní apá kan tó jẹ́ 200 ìbéèrè ọbújẹ́tìfù. Àjọ tó ń kọ ọ́, National Conference of Bar Examiners, máa ń tún àwọn ìbéèrè kan lò láti ọdún dé ọdún, kí ó lè mọ̀ bóyá ìdánwò ọdún yìí le ju ti èṣí lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa wọ́n mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò náà ń rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ jókòó ṣe é, wọ́n á há ìbéèrè sórí, wọ́n á sì fi wọ́n sínú ìwé tí wọ́n ń tà. Ilé-iṣẹ́ náà ní òfin ni òun ń kọ́ni, òfin kò sì ní olúwa. Ilé-ẹjọ́ gbà pé òfin kò ní olúwa lóòótọ́, pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìbéèrè tirẹ̀ lórí ìlànà kan náà. Ohun tí kò gbà ni kí wọ́n mú ìtàn kan náà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè àti àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà, kí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà. Owó gbà-máà-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là ni wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà san.

Ẹjọ́ yẹn kò de adájọ́ kankan ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin nínú ìwọ̀n òfin wa, ìpalára fún iye iṣẹ́, béèrè ohun kan náà. Ìbéèrè tí wọ́n ti lò tán, tí wọn kò sì ní lò mọ́, kò pàdánù púpọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i. Ìbéèrè tó ṣì wà nínú àká àjọ ìdánwò, tí wọ́n fẹ́ tún lò, iye rẹ̀ di òfo ní ọjọ́ tó bá bọ́ sí ìgboro. Láti ìgbà tí JAMB ti gbé ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015, ti ìjókòó kan kò jọ ti èkejì mọ́, ó sì ti di dandan kí irú àká bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn tó ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìbéèrè sórí kí wọ́n lè wá sọ ọ́ fún wọn níta gbọ́ngán ìdánwò kò ṣe ìtọrẹ àánú. Wọ́n ń ba iṣẹ́ tí owó àti ọgbọ́n wọlé sí jẹ́.

Ìwé ìròyìn yìí kò gbè sẹ́yìn àwọn àjọ ìdánwò láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò ìbéèrè àtijọ́ láti fi dán ara rẹ̀ wò, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bí àjọ kò bá tẹ èyí tó ti lò tán jáde ní iye tí ọmọ tálákà lè rà, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, á sì fi ìdáhùn tí kò dá a lójú sí i. Kí àjọ kọ̀ọ̀kan yà á sọ́tọ̀ ní gbangba: èyí la ti tú sílẹ̀, èyí la ṣì ń pa mọ́. Kí ó sì fún òǹtẹ̀wé tó bá fẹ́ tẹ èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú owó tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀, lórí àdéhùn pé ọdún ìdánwò àti orúkọ àjọ yóò hàn lórí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka òfin ní yunifásítì wa ni ọ̀rọ̀ kàn jù lórí ìdáhùn tó ti di ti àtijọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀tọ́ àdàkọ gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìbéèrè tó wà nílẹ̀ jáde, kí ó fi wọ́n wé òfin 2022 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì da èyí tí kò bá a mu nù. Èyí tó bá kù, kí ó kọ ìlú àti ọdún òfin sórí rẹ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ mọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, kí ó sọ bóyá òṣìṣẹ́ ni ẹni náà tàbí agbaṣẹ́ṣe, bóyá ìjọba ló gbé iṣẹ́ fún un, àti ohun tí ìwé àdéhùn sọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù, kò yẹ kí wọ́n fi ìbéèrè náà yọ máàkì ọmọ ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti yọ máàkì rẹ̀ nítorí pé ó mú B nígbà tí ìwé ìdáhùn ní A lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún un wò, kí ẹ̀ka rẹ̀ má sì ṣe kà á sí àfojúdi.

Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Nàìjíríà ní agbára láti mú àwọn tó ń rú òfin, ó sì máa ń lò ó fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé. Ìwé ìròyìn yìí kò fẹ́ kí wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n gbé ìtọ́sọ́nà kékeré kan jáde lórí ìbéèrè ìdánwò, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè abínibí, tí yóò sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, ohun tí olùkọ́ lè ṣe, àti ibi tí òǹtẹ̀wé ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n kọjú sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ tà lọ́pọ̀ láìgbàṣẹ, kí wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn èèpo pé òun ni òun ni gbogbo ẹ̀tọ́.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ ilé-ìwé àti àjọ ìdánwò tó ń gbé iṣẹ́ ìbéèrè fún ènìyàn. Kí wọ́n má ṣe gba ìbéèrè kankan wọlé láìjẹ́ pé ìwé àdéhùn ti wà ńlẹ̀. Ojú ewé kan péré tó: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, iye ìbéèrè àti ìdánwò tí wọ́n wà fún, ìlérí rẹ̀ pé òun kò dà á kọ láti ibì kankan, bóyá ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá tàbí ó kàn gbà kí wọ́n lò ó fún ìdánwò yẹn nìkan, iye owó iṣẹ́, àti ìpín tí yóò kàn án bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwé lọ́jọ́ iwájú. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí olùkọ̀bèèrè sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé ní ọjọ́ náà.